Lítà mélòó ni òjò kan ń já sílẹ̀ lórí òrùlé yín?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin káfíńtà àti ẹ̀yin púlọ́ńbà. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí: báwo ni a ṣe lè mọ iye lítà omi tí òjò kan máa gbé wọ inú tánkì, kí a tó náwó sórí tánkì ọ̀hún? Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn níbí, ẹni tó ń ta tánkì ni onílé máa ń lọ bi. Òun kò rí òrùlé yín, kò sì mọ bí gọ́tà yín ṣe rí.

Ibi tí ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀ rọrùn. Ẹ mú àpótí kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó fẹ̀ ní 10, tó sì jìn ní 10. Omi tó máa kún un dẹ́nu jẹ́ lítà 1 géérégé. Ẹ wá da omi yẹn sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó jẹ́ mítà 1 ní ìbú, mítà 1 ní òòró. Ilẹ̀ yẹn gba ìdí àpótí náà lọ́nà 100. Omi tó ga ní mílímítà 100 nínú àpótí á tẹ́ títí á fi ku mílímítà 1. Èyí ni pé bí òjò mílímítà 1 bá rọ̀ sórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà 1 ló dé. Ohun tó kù kò ju kí a wọn òrùlé, kí a wọn òjò, kí a sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀.

Wíwọn òrùlé ni àṣìṣe ti máa ń wọlé jù. Bàbá káfíńtà kan tó jókòó níwájú bi mí pé, òrùlé ayé òde òní tó ga sókè yìí, tí páànù rẹ̀ pọ̀, ṣé omi rẹ̀ kò ní pọ̀ ju ti òrùlé tó rẹlẹ̀ lọ ni? Rárá o, bàbá. Òkè ni òjò ti ń bọ̀, ilẹ̀ tí òrùlé bò nìkan ni yóò gbà á fún. Bí òrùlé bá dagun dé dígírì 45, páànù tí ẹ máa rà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá méjì nínú márùn-ún pọ̀ ju ti òrùlé pẹrẹsẹ, àmọ́ lítà kan kò ní tìtorí rẹ̀ kún un. Ìgbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ òjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ìyàtọ̀ díẹ̀ máa ń wà: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí atẹ́gùn á gbà ju èkejì lọ.

Nítorí náà, ẹ má gun òkè. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, láti ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti ń já sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan dé ibi tó ti ń já sílẹ̀ ní ìkejì. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí ògiri rẹ̀ jẹ́ mítà 12 lórí 9. Ẹni tó bá wọn ògiri nìkan á sọ pé mítà onígun mẹ́rin 108 ni. Àmọ́ òrùlé yọ síta ní ìdajì mítà yíká, ó di 13 lórí 10, ìyẹn 130.

Ní ti òjò, agolo tí ara rẹ̀ dúró gbọnrangandan láti ìdí dé ẹnu ni kí ẹ lò, irú agolo mílíìkì ńlá. Bókẹ́ẹ̀tì tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ máa ń parọ́, torí omi tí ẹnu gbòòrò gbà ni ìdí tóóró ń gbé sókè, ẹ ó sì kà á ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbé agolo síbi gbangba, kó jìnnà sí igi àti ògiri. Gbàrà tí òjò bá dá, ẹ ti rúlà bọ inú rẹ̀, kí oòrùn tó fà á gbẹ. Bí ibi tí òǹkà rúlà ti bẹ̀rẹ̀ kò bá kan ìdí gan-an, ẹ fi àlàfo yẹn kún un.

Ká ní agolo sọ pé mílímítà 20. Lórí òrùlé wa, ó di lítà 2,600. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni tánkì máa rí. Páànù gbígbóná máa ń lá nínú rẹ̀, òmíràn á ta sílẹ̀, òmíràn á gba ojú ìsopọ̀ gọ́tà lọ. Fún òrùlé páànù, a máa ń ka ìdá 80 sí 90 nínú 100 sí èyí tó délé. Èmi máa ń lo 85, ìyẹn 0.85. Òrùlé koríko kò lè tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́:

```
lítà = mílímítà × mítà onígun mẹ́rin × 0.85
20 × 130 × 0.85 = 2,210
```

Ibi tó ti máa ń dun onílé nìyí: ilé tí a ń sọ yìí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n so gọ́tà mọ́. Omi ẹ̀gbẹ́ kejì ń lọ sínú àgbàrá. Mítà onígun mẹ́rin 65 ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe 130, omi náà sì di lítà 1,105. Ẹ tún yọ mílímítà àkọ́kọ́ kúrò, torí òun ló ń fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù. Ẹ jẹ́ kó lọ sílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ lítà 65. Ohun tó wọ tánkì kò ju bíi 1,040 lọ. Ó kún tánkì lítà 1,000, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ti 2,000 torí pé ó ka òrùlé rẹ̀ sí odindi á máa wò ó ní ìdajì.

Bí omi bá ṣì kéré ju ìṣirò lọ, gọ́tà ni kí ẹ fura sí. Òjò ńlá lè rọ mílímítà 1 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lórí ẹ̀gbẹ́ kan yìí, ìyẹn jẹ́ lítà 65 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ohun tó ń ṣòfò, ó yẹ kó kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé. Gọ́tà tó bá tẹ́jú jù, tàbí tí ewé dí lẹ́nu, kò lè gbé e. Omi á gorí ètí rẹ̀ já sílẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá dúró sínú òjò kí ẹ tó mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ gọ́tà. Bí omi bá ti gbẹ́ ojú ihò wẹ́wẹ́ lọ ní ìlà síbẹ̀, gọ́tà ń ṣàn dànù. Ẹ jẹ́ kó máa rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Lórí mítà 13, ìparí rẹ̀ á fi sẹ̀ǹtímítà 13 rẹlẹ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ìyá kan béèrè bóyá òjò ọdún kan lè gbé ìdílé la ẹ̀ẹ̀rùn já. Òjò Ìbàdàn lọ́dún máa ń tó nǹkan bíi mílímítà 1,200 sí 1,300, nítorí náà orí òrùlé kò ní ìṣòro. Ká ní ènìyàn mẹ́fà ń lo lítà 20 ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìyẹn 120. Fún 120 ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n nílò lítà 14,400. Bí gọ́tà bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mílímítà kọ̀ọ̀kan ń mú bíi lítà 110 wá, nítorí náà nǹkan bíi mílímítà 131 tó o, òjò oṣù Kẹsàn-án nìkan sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ níbí. Ibi tí a máa kó o sí ni wàhálà. Tánkì lítà 1,000 kan á tán lọ́jọ́ kẹsàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ó tó lè pẹ́ títí òjò yóò fi padà, ìyá, tánkì lítà 5,000 mẹ́ta ni ilé yín nílò, kí wọ́n sì ti kún kí oṣù Kọkànlá tó wọlé.