Ajá Tó Ní Káàdì Bu Ọmọ Jẹ: Kí Ló Kàn?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí dókítà ẹranko kan ṣe fún àwọn òbí àti òṣìṣẹ́ ìlera ní Sàgámù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ tú wò lónìí, lórí dìgbòlugi, àrùn tí ajá máa ń kó ran èèyàn bó bá bù ú jẹ. Lọ́jọ́ Ajé kan, ajá aládùúgbò bu ọmọbìnrin ọlọ́dún méje jẹ ní Mákùn níbí. Eyín wọ ọmọ náà lọ́wọ́ ní ojú méjì, ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Bí ìyá ọmọ ṣe ń wá ọ̀kadà tí yóò gbé wọn lọ sí ọsibítù, ẹni tó ni ajá sáré mú káàdì jáde: "Màmá Bísí, ẹ fọkàn balẹ̀, ajá mi ti gba abẹ́rẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn tètè gbéra. Kí ẹnikẹ́ni tó ka káàdì, ẹ fọ egbò ná. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa fi abọ́ da omi sí i, kí ẹlòmíì máa fọ̀ ọ́. Itọ́ ajá ni fáírọ́ọ̀sì dìgbòlugi ń bá wọ ara, ọṣẹ sì ń pa á. Ẹ má fi epo pupa, ata, eérú tàbí irun ajá tí wọ́n jó sí i.

Mo gba káàdì náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ ajá wà níbẹ̀, sítíkà kan sì wà lára rẹ̀, àmọ́ sítíkà abẹ́rẹ́ páfò, àrùn tó ń mú kí ajá máa bì kó sì máa ya ìgbẹ́ gbuuru, ni. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wá lórí káàdì ni sítíkà tí wọ́n bó lára ìgò abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, ọjọ́ tí wọ́n gún un, àti òǹtẹ̀ dókítà ẹranko. Kí àwọ̀ ajá tó wà níwájú yín náà bá èyí tí wọ́n kọ mu. Láti oṣù mẹ́ta ni ọmọ ajá ti ń gbà á, a ó tún un gún lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ti àkọ́kọ́ kò tíì ṣeé gbọ́kàn lé àfi tí ọjọ́ 28 bá kọjá. Bí káàdì bá sì pé pérépéré, a ṣì máa ṣọ́ ajá náà.

Ọjọ́ mẹ́wàá la ń ṣọ́ ọ. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í dé inú itọ́ àfi tó bá ti dé ọpọlọ. Ajá tí itọ́ rẹ̀ ti ní in lọ́jọ́ tó bu èèyàn jẹ yóò ṣàìsàn, yóò sì kú, kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Nítorí náà, bí ara rẹ̀ bá ṣì le lọ́jọ́ kẹwàá, kò kó dìgbòlugi ran ọmọ náà. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ tì í mọ́ ilé ajá, kí àgbàlagbà kan ṣoṣo máa fún un lóúnjẹ. Ẹ má pa á, ẹ má tà á, ẹ má sì gún un lábẹ́rẹ́ láàárín ìgbà yẹn. Gbogbo wa la mọ ajá tó ń sáré kiri tó ń gé igi jẹ. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èyí tó dákẹ́: ó lọ sápamọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ohùn rẹ̀ yí padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ sílẹ̀, itọ́ ń kán, kò lè gbé omi mì. Àwọn èèyàn á ní eegun há a lọ́fun, wọ́n á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láé.

Ọmọ kì í dúró de ọjọ́ kẹwàá. Nítorí pé eyín dá awọ ara lu, abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan kò tó o. Ó tún nílò ímúnoglóbúlìn, ìyẹn oògùn tó ń bá fáírọ́ọ̀sì náà jà lójú ẹsẹ̀ kí àjẹsára tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n ń gún sínú egbò àti yí i ká. Èyí wọ́n, ó sì lówó lórí. Bí kò bá sí lọ́jọ́ náà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjẹsára, kí wọ́n máa wá a, torí kò wúlò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ keje sí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ọmọ yìí gba àjẹsára lọ́jọ́ Ajé yẹn, ó gba èkejì ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀kẹta lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 28 ló kù.

Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, ọjọ́ kẹwàá, mo lọ wo ajá náà. Ó ń jẹun, ó ń mu omi, ó gbó mi bó ṣe máa ń gbó àlejò. Nígbà yẹn ni dókítà ọmọ dá abẹ́rẹ́ yòókù dúró, èmi náà sì gún ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ká ní ajá ti sá lọ ni, tàbí pé àwọn ọmọ àdúgbò ti pa á, ọmọ náà ì bá gba gbogbo rẹ̀ tán. Bí ajá bá kú, ẹ má fọ́ orí rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ lásán kàn án. Ẹ pe dókítà ẹranko, torí ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò.

Mo ní kí Màmá Bísí tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Bí ajá mìíràn bá bù ú jẹ lọ́jọ́ iwájú, dókítà tó bá rí i pé ó ti gba mẹ́ta yóò fún un ní méjì péré, lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kẹta sí i, kò sì ní nílò ímúnoglóbúlìn mọ́.