Kànga Tó Wà Lẹ́yìn Mọ́sáláṣí Yín

Asàlámù aláékúmù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Mi ò ní fa àdúà gùn lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yìí, a kírun sí ọmọ kékeré kan lára ní Òkè-Àró, níbí ní Àkúrẹ́. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ló ṣe é. Mi ò ní sọ pé omi ló pa á, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ kí àwọn òbí rẹ̀, mo rí kànga tí gbogbo agboolé ń pọn. Ògbólógbòó páànù ni wọ́n fi bo ìdajì ẹnu rẹ̀. Etí rẹ̀ ò ga tó orúnkún. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ kò jìnnà sí i, omi ọṣẹ sì ń ṣàn padà lọ sídìí rẹ̀. Dòrò mẹ́ta wà nínú ẹrẹ̀, ewúrẹ́ kan ń lá ọ̀kan nínú wọn. Lọ́sẹ̀ kan náà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa ń jiyàn lórí àwọ̀ áńkárá tí a máa rà fún Mọ́lúdì. Inú mi bàjẹ́, mi ò sì ní fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Sàyídì Úsúmáánù fún yín. Nígbà tí Ànábì dé Mẹ̀dínà, omi tó dùn ún mu wọ́n níbẹ̀, àfi omi kànga Rúúmà. Ànábì wá bèèrè pé ta ni yóò ra Rúúmà, tí yóò sì fi dòrò tirẹ̀ sáàárín dòrò àwọn Mùsùlùmí, kí Ọlọ́hun fún un ní èyí tó dára jù ú lọ ní Àlùjáńnà. Úsúmáánù fi owó ara rẹ̀ rà á. Ẹ wo bó ṣe jẹ́: ẹni tó ra kànga kò gba ipò kankan lórí rẹ̀, dòrò tirẹ̀ kàn wà láàárín ti àwọn yòókù ni. Ọdún ń gorí ọdún, ó di olórí àwọn Mùsùlùmí. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ wá ká a mọ́lé, wọn ò jẹ́ kó rí omi mu. Ó yọjú sí wọn, ó fi Ọlọ́hun bẹ̀ wọ́n, ó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé òun lòun ra Rúúmà. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Ó ní, síbẹ̀ ẹ ò jẹ́ kí n mu nínú rẹ̀. Mi ò lè ka ibẹ̀ kí ojú mi gbẹ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ tún kànga kan ṣe. Kì í ṣe kí ẹ gbẹ́ tuntun. Lábẹ́ ilẹ̀ Àkúrẹ́, àpáta ni, ọ̀pọ̀ kànga tuntun máa ń dé orí àpáta láì rí omi tó pọ̀. Èyí tó ti wà ni kí ẹ gbà là.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá lánlọ́ọ̀dù. Kristẹni ni tàbí Mùsùlùmí, aládùúgbò ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn yín. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé pé bí ẹ bá tún un ṣe tán, kò ní fi kọ́kọ́rọ́ dí àwọn ayálégbé lọ́wọ́. Ẹ wá fi tépù wọn ibi tó jìnnà sí ṣáláńgá àti sọ́kàwéè. Bí kò bá tó mítà 30, omi yẹn lè máa bàjẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ sọ fún wọn pé ti ìfọṣọ àti ìfọlé ni, kí wọ́n máa se èyí tí wọ́n fẹ́ mu. Ẹ má tan ènìyàn jẹ nítorí kí iṣẹ́ yín lè lórúkọ. Bí òjò bá rọ̀ tí omi kànga sì pọ́n lọ́jọ́ kan náà, omi orí ilẹ̀ ló ń wọlé, èyí ṣeé tún ṣe.

Ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri inú rẹ̀ láti òkè lọ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10, nítorí apá òkè yìí ni ìdọ̀tí orí ilẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé. Ẹ gbé etí rẹ̀ sókè dé ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ da kọnkéré yí i ká, kó fẹ̀ tó mítà kan, kó dagun díẹ̀ kí omi lè ṣàn sínú gọ́tà. Ìdérí irin tó bo gbogbo ẹnu rẹ̀, àti dòrò kan ṣoṣo tí a so kọ́, tí kì í kan ilẹ̀. Kí oníkálukú yé mú dòrò tirẹ̀ wá láti ilé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa omi àtijọ́ kúrò, tí ẹ fọ ògiri, tí omi tuntun ti sun, ló kan bílíìṣì. Ẹ fi okùn tó ní òkúta nídìí wọn jíjìn omi. Ká ní kànga náà fẹ̀ ní mítà 1, omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 2, ó jẹ́ nǹkan bíi lítà 1,600. Bílíìṣì tí kò lóòórùn dídùn, tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, lítà 2 àti díẹ̀ (bíi 2.3) tó o. Ẹ pò ó mọ́ omi nínú garawa, ẹ dà á yí ògiri ká, ẹ fa omi náà, ẹ tún dà á padà kó lè kárí. Ẹ má pò ó mọ́ ọṣẹ ìfọ-ilé-ìgbẹ́ kankan, èéfín tó máa ń yọ lè pani. Ẹ bò ó di ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Ẹ wá máa fà á dànù títí òórùn rẹ̀ á fi lọ, ẹ má dà á sí odò tàbí adágún ẹja. Agbára bílíìṣì kì í pẹ́: bí ìdọ̀tí bá ṣì ń wọlé, omi náà á tún bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìdérí àti kọnkéré fi ṣáájú rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa nìyí. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dọ́ kankan wọ inú kànga láti fi hàn pé òun lágbára. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè má tó èémí, ẹni tó bá dákú lè ṣubú sómi, ẹni tó bá sáré wọlé láti gbà á lè kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí pọ́ǹpù oníbẹntiróòlù sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ láé. Èéfín rẹ̀ kì í lóòórùn tó yẹ kó dẹ́rù ba ènìyàn, ó sì ń pani láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbẹ́kànga tó mọṣẹ́ ni kó wọlé, pẹ̀lú okùn ní ìgbáròkó rẹ̀ àti àwọn tó dì í mú lókè.

Wọ́n ní Sáàdù ọmọ Úbáádà bi Ànábì léèrè lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ pé sàárà wo ló dára jù. Ó fèsì pé omi. Sáàdù sì gbẹ́ kànga, ó ní ti ìyá òun nìyí. Ẹ̀yin tí ìyá yín ti kú, kí lẹ ń dúró dè? Bí a bá dé iwájú Ọlọ́hun, tí aládùúgbò wa sì sọ pé òun mu ẹrẹ̀ nígbà tí àwa wà nínú mọ́sáláṣí tí ẹ̀rọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń pọ́ǹpù omi àlùwàlá, àwọ̀ áńkárá wo la máa fi dá a lóhùn?

Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mú tépù àti okùn wá. A máa bẹ̀rẹ̀ láti agboolé tí a ti gbé òkú jáde, a sì máa bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó áńkárá tí a ti dá jọ wà lọ́wọ́ akápò. Mo bẹ̀ yín, kí wọ́n má ná an.