Bí Fóómànù Ṣe Ń Ròyìn fún Ọ̀gá Nígbà Tí Ẹ̀rọ Bá Ṣe Òṣìṣẹ́ Léṣe Lóko

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo ọ̀pá tó wà lẹ́yìn katakata yìí. Òun ló ń gbé agbára lọ sínú ẹ̀rọ tí a fi ń yin àgbàdo. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń yí nígbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé ó ń yí nígbà 9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá gbá apá aṣọ èèyàn mú, kí onítọ̀hún tó lóun fẹ́ fà á, ó ti wé e mọ́ra.

Ká ní ó mú ọmọ iṣẹ́ kan, ká pè é ní Àkàndé. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún tan ẹ̀rọ pé òun fẹ́ yí i padà láti fi tú u sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ má ṣe dẹwọ́, kí ẹlòmíì máa pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan ọ̀gá.

Bí ọ̀gá bá ti gbé fóònù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “wàhálà ti ṣẹlẹ̀ o”. Àyà á já a, kò sì ní tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹ sọ ọ́ báyìí:

“Ọ̀gá, Àkàndé fara pa. Ọ̀pá ẹ̀yìn katakata ló wé apá ọ̀tún rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó mọ ibi tó wà. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde nísàlẹ̀ ìgúnpá, a ti tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti ń bọ̀. Mo ti pa ẹ̀rọ, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi.”

Ẹ ò rí i pé n ò sọ pé “ara rẹ̀ yá díẹ̀”? Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n “ó mọ ibi tó wà”, ó yé e. Ti kọ́kọ́rọ́ náà ṣe pàtàkì, torí ohun tí yóò kọ́kọ́ máa bà á lẹ́rù ni pé kí ẹlòmíì má tún kó sí i.

Ó di ìgbà tó bá bi yín pé “Báwo ló ṣe jẹ́?” kí ẹ tó sọ ìtàn. Ibi tí gbogbo nǹkan ṣì ń lọ geere gbẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀:

“Ní aago 10, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Àkàndé ló ń da àgbàdo sí i. Nígbà tó yá, àgbàdo há sẹ́nu ẹ̀rọ. Rájí ní Àkàndé gba orí ọ̀pá kọjá láti lọ yọ ọ́, kò pa ẹ́ńjìnnì. Èmi ò rí ìyẹn, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo wà. Igbe ni mo gbọ́. Mo sáré dé, mo pa ẹ́ńjìnnì ní aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 12.”

“Rájí ní” yẹn, ẹ má yọ ọ́. Ohun tí ojú yín rí yàtọ̀ sí ohun tí etí yín gbọ́, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ mọ èwo ni èwo. Ẹ tètè gbọ́ tẹnu Rájí lóun nìkan, kó tó bá àwọn yòókù sọ ọ́ títí tí ọ̀rọ̀ á fi di àdàlù. Àkàndé ní tiẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ibi tí ẹnu ti máa ń wúwo nìyí: ìbòrí ọ̀pá. Ẹ wò ó, ọ̀pá yìí yẹ kó ní ìbòrí láti ìdí katakata títí dé ìdí ẹ̀rọ. Bó bá ti fọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ sọ pé ó ti fọ́ tẹ́lẹ̀. Fóómànù tó jẹ́ kí wọ́n máa lò ó bẹ́ẹ̀ á fẹ́ sọ pé “àìfarabalẹ̀ Àkàndé ló fà á”. Ìdájọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìròyìn. “Ìbòrí ti fọ́ lápá ibi tó kan ẹ̀rọ, Àkàndé wọ aṣọ alápá gbọ̀ọ̀rọ̀”: ẹ fi í mọ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá ti gbé e lọ, ẹ ya fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó fọ ẹ̀jẹ̀ tàbí tú aṣọ tó wé mọ́ ọ̀pá. Ẹ kọ́kọ́ yà á láti òkèèrè kí gbogbo ibẹ̀ hàn, kí ẹ tó sún mọ́ ibi tí ìbòrí ti fọ́. Ẹ fi okùn yí ibẹ̀ ká.

Bí ọ̀gá bá bi yín bóyá apá náà á tún ṣiṣẹ́, “dókítà ò tíì sọ” ni ìdáhùn. Ẹ̀yin náà ẹ bi í: ta ni yóò sọ fún àwọn ará ilé Àkàndé, ta ni yóò tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn?

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú àkókò. Bí ẹ bá fi nǹkan di apá náà pinpin torí ẹ̀jẹ̀ kọ̀ tí kò dá, àkókò tí ẹ dì í gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, dókítà náà sì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Bí ẹ bá wá rí i lọ́jọ́ kejì pé nǹkan kan yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe sọ ọ́, ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pe ọ̀gá.