Máàpù Ààlà Wa Tuntun, àti Bí A Ṣe Ń Takò Ó

Ẹ̀yin ará abúlé wa, ẹ kú ìjókòó. Èmi Baálẹ̀ yín ni. Ẹ wo máàpù tó wà lára ògiri lẹ́yìn mi yìí dáadáa, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ ni etí mi ò ti sinmi. Ẹnìkan wá bá mi láàárọ̀ àná pé wọ́n ti gba oko òun. Mo ní kó fi ìka kan ibi tí wọ́n gbà, ó wo máàpù títí, kò rí i. Mo wá rí i pé ó yẹ kí n la ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tí kò sí níjòkòó lè wò ó lórí fóònù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kan kúrò lọ́kàn yín. Ìlà pupa yìí, ààlà àwa àti abúlé kejì ni. Ibi tí tiwa parí sí tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ. Kò sọ ẹni tó ni oko. Bí ó bá gba àárín oko yín kọjá, oko yín ò torí ìyẹn di ti ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni oko ní ìwé tirẹ̀, ó sì ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ sínú ìwé àtakò kan, torí tí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò gan-an yóò sọnù sáàárín rẹ̀.

Ó dáa. Ẹ wo àwọn àmì róbótó kéékèèké wọ̀nyí, èyí tí nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Pílà ni wọ́n, pílà kọnkéré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ìlà tó so pílà kan mọ́ èkejì, òun náà ni ààlà. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Ẹ lọ sí oko, ẹ wá pílà méjì tó sún mọ́ ibi tó ń dùn yín, ẹ ro koríko kúrò lórí wọn, ẹ ka nọ́ńbà wọn. Ìgbà náà ni kí ẹ tó padà wá síwájú máàpù.

Ìwọ̀n máàpù yìí ni 1:2,500, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé jẹ́ mítà 25 lórí ilẹ̀. Àmọ́ orí ìwé ńlá tó wà lára ògiri yìí nìkan ni ìyẹn ti rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ yà fi fóònù tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín ti kéré sí i, rúlà ò lè sọ òótọ́ lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀dà ló wà lọ́wọ́ yín, ọ̀pá ìwọ̀n tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ máàpù ni kí ẹ lò, torí bí ìwé bá ṣe ń kéré lòun náà ń kéré.

Ẹ jẹ́ ká mú ibì kan pàtó, ibi tí ariwo ti pọ̀ jù: láàrin pílà 14 àti pílà 15.

Wọ́n kọ nọ́ńbà méjì sí ẹ̀gbẹ́ pílà kọ̀ọ̀kan. Mítà ni wọ́n fi kọ méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n sì ti ń kà wọ́n fún gbogbo pílà. Ọ̀kan ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìhà ìlà-oòrùn, èkejì ń sọ ti àríwá. Pílà 14 ní 2310 àti 1220. Pílà 15 ní 2430 àti 1310. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì: 120 ló kù fún ìlà-oòrùn, 90 ló kù fún àríwá. Àwọn ọmọ yín tó wà níléèwé mọ ìyókù: 120 lọ́nà 120, ẹ fi 90 lọ́nà 90 kún un, ó di 22,500. Nọ́ńbà tí ẹ máa fi sọ ara rẹ̀ dìpúpọ̀ tó máa fún yín ní 22,500 ni 150. Mítà 150 ló wà láàrin pílà méjèèjì nígbà náà. Ẹ gbé rúlà lé e lórí ògiri yìí, sẹ̀ǹtímítà 6 ni ẹ máa rí. Ó bára mu.

Ibí gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan na okùn láti pílà 14 dé 15, ó bá 153. Ó fi igbe ta pé wọ́n ti jí mítà mẹ́ta! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo abúlé ti gbọ́.

Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Orí òkè ni ọmọ náà na okùn gùn. Láti pílà 14, ilẹ̀ yẹn ń gòkè ni, nígbà tí ẹ bá fi máa dé 15 ó ti ga tó mítà 30. Máàpù kì í ka gígùn òkè. Ìtẹ́jú nìkan ló ń kà.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ gbé àkàbà ti ògiri lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn wà lókè orí. Ẹ wá wo òjìji rẹ̀ nílẹ̀. Òjìji yẹn kúrú ju àkàbà fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gé àkàbà. Òjìji ni máàpù, ilẹ̀ olókè ni àkàbà. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ọdún méjì gbáko ni èmi àti àbúrò bàbá mi ò fi kí ara wa dáadáa nítorí mítà méjì. Ọjọ́ tí ẹnìkan fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń na okùn lórí òkè, mítà méjì náà pòórá lójú wa. Àbúrò bàbá mi jókòó sórí pílà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò gbàgbé.

Torí náà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: OKÙN KÒ GBỌDỌ̀ TẸ̀LÉ ILẸ̀! Ẹ na án kó tẹ́jú. Mo tún un sọ, ẹ na án kó tẹ́jú!

Báwo la ṣe ń ṣe é? Ẹ má na gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mítà márùn-ún márùn-ún ni kí ẹ máa gé e, kó sì jẹ́ tépù, torí okùn tuntun máa ń fà. Lórí òkè tiwa yìí, ilẹ̀ ń gòkè tó mítà kan nínú mítà márùn-ún. Ẹni tó wà lẹ́yìn, nísàlẹ̀ òkè, yóò gbé ẹnu tépù sókè tó ìbàdí, bíi mítà kan, yóò so òkúta kékeré mọ́ okùn tín-ínrín, yóò jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ títí tó fi kan àmì tó wà nílẹ̀. Ẹni tó wà níwájú yóò fi tirẹ̀ kanlẹ̀, yóò fa tépù kó le, yóò kan èèkàn síbẹ̀. Ẹnì kẹta yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò máa wò bóyá tépù tẹ́jú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 30, ẹ máa dé pílà 15, 150 náà ló sì máa jẹ́. Mo bá wọn ṣe é lọ́jọ́ kejì. Ó fi ìwọ̀nba ìka díẹ̀ lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù rìn ààlà, fóònù dára fún wíwá pílà nínú igbó. Àmọ́ ní ìta gbangba pàápàá, ó lè fi bíi mítà márùn-ún ṣìnà, abẹ́ igi ló tún burú jù. Ẹ ò lè fi í ja ìjà mítà mẹ́ta.

Ṣé ohun tí mo wá ń sọ ni pé kò sí àṣìṣe láàrin 14 àti 15? Rárá o! Àṣìṣe wà níbẹ̀, ó sì tóbi ju èyí tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Ìlà náà gùn tààrà. Gbogbo àgbà ibí mọ̀ pé ààlà wa kò gùn tààrà níbẹ̀, ó yà lọ kan àpáta ńlá kan kó tó padà. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ò mọ̀, torí ibi tí wọ́n bá mú wọn dé ni wọ́n ń rì pílà sí, àwa tí a mú wọn rìn kò sì mú wọn dé ìdí àpáta. Igbó dí lọ́jọ́ náà.

A ti wọ̀n ọ́n. Láti pílà 14, ẹ rin mítà 60 lójú ìlà, kí ẹ wá yà sọ́wọ́ ọ̀tún, mítà 12 ni sí àpáta. Yíyà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ igun tó tọ́. Ẹ mú okùn mítà 12, ẹ ta kókó sí i ní mítà 3 àti mítà 7, ẹ so ẹnu méjèèjì pọ̀, kí ẹni mẹ́ta fà á níbi kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Igun tó wà láàrin ẹ̀gbẹ́ mítà 3 àti ẹ̀gbẹ́ mítà 4, igun tó tọ́ ni. Ilẹ̀ tí ìlà tààrà yẹn gé sọnù jẹ́ ìdajì 150 lọ́nà 12, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 900. Mítà 12 yẹn tó nǹkan bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà lórí máàpù, ojú lásán rí i. Èyí lohun tó yẹ ká takò.

Ìwé àtakò wá ńkọ́? Mo ti ka mẹ́fà tí wọ́n kọ wá. Márùn-ún nínú wọn kọ pé, "Wọ́n ti rẹ́ wa jẹ." Ẹ jọ̀ọ́, níbo? Láàrin pílà wo àti pílà wo? Ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ò mọ ibi tó máa lọ! Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí: "Mo takò ìlà tó wà láàrin pílà 14 àti pílà 15. Ààlà tí a mọ̀ kan àpáta ńlá kan. Láti pílà 14, ẹni bá rin mítà 60 lójú ìlà tó wá yà sí ọ̀tún ní mítà 12 yóò dé ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ààlà gba ibẹ̀ kó tó lọ sí pílà 15." Ó tán. Ẹ ya àwòrán kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ so fọ́tò mọ́ ọn níbi tí àpáta ti hàn. Tí àgbà kan láti abúlé kejì bá lè fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wúwo ju ti ogún ènìyàn láàrin wa, torí ohun tó ń jẹ́rìí sí kò ṣe é láǹfààní.

Ẹ kọ ọ́ ní méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn tó lẹ máàpù yìí, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tí àtakò yóò parí wà ní ìsàlẹ̀ ìkéde tí wọ́n lẹ̀ pẹ̀lú máàpù, ọjọ́ tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rí i. Tí wọ́n bá padà wá wò ó, ẹ wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ gba ìdí rẹ̀ ní kíkọ, torí òun ni ẹ máa mú lọ sílé ẹjọ́.

Mo sì gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ hú pílà 14. Ẹ MÁ DÁN AN WÒ! Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé, wọ́n á padà rì í síbẹ̀. Àmọ́ mítà 60 tí a kọ sínú àtakò wa, ìdí pílà yẹn la ti ń kà á. Tí ẹ bá hú u, níbo la fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé?

Ẹni tó ní tépù nílé, kó lọ mú un wá. A ń lọ sí ìdí pílà 17 báyìí, ìlà tibẹ̀ náà tọ́ jù lójú mi.