Kí Adúmáadán Má Baà Di Eléérú Nínú Fọ́tò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí. Ibi ìkómọ ni mo ti yà á, nínú pálọ̀. Ìyá àgbà wọ léèsì funfun, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n gbé ọmọ tuntun dání. Ìyá yìí dúdú bíi kóró iṣin, ara wọn ń dán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí kámẹ́rà gbé jáde: léèsì hàn kedere, ojú ìyá ṣókùnkùn. Bí mo ṣe ṣètò kámẹ́rà náà, kò mọ ojú ènìyàn yàtọ̀ sí aṣọ. Ó rí funfun rẹpẹtẹ, ó rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ló bá dín in kù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe nínú Lightroom ni pé a ó fa Shadows lọ sí +90. Ojú á mọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìyá á wá dà bí ẹni tó wẹ̀ nígbà ọyẹ́ tí kò para.

Orúkọ àwọ̀ náà ti sọ ìdí rẹ̀ fún wa: adúmáadán. Dú wà níbẹ̀, dán wà níbẹ̀. Awọ dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ mì, nítorí náà ohun tó ń fi ìrísí ojú hàn jù ni ibi tó ń dán: iwájú orí, orí imú, òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àlàfo tó wà láàárín dúdú àti dídán yẹn lojú wa ń kà sí ẹwà. Shadows ń gbé dúdú sókè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kan dídán.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Bí ẹ bá gbé atọ́ka máòsì lé ojú, Lightroom á fi iye R, G àti B hàn yín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá jẹ́ R 14, iwájú orí tó ń dán jẹ́ R 32. Lẹ́yìn Shadows, ẹ̀rẹ̀kẹ́ di 27, iwájú orí di 38. Àlàfo tó jẹ́ 18 tẹ́lẹ̀ ti di 11. Mo dá Shadows padà sí òdo, mo gbé Exposure sí +1.30. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ di 21, iwájú orí di 48. Méjèèjì jọ gòkè ni, ìyá sì ṣì jẹ́ ìyá.

Wàhálà tó kù ni léèsì, tí ọnà ara rẹ̀ ti fẹ́ pòórá. Mo fa Highlights wálẹ̀ sí -60, kò tó. Mo wá yọ Exposure kúrò lórí gbogbo fọ́tò, mo fi Masking mú awọ ìyá nìkan, mo sì gbé +1.30 náà síbẹ̀. Ẹ má gbàgbé ọrùn àti ọwọ́ o! Mo ti rí fọ́tò ìgbéyàwó tí ojú ìyàwó jẹ́ ti ẹnì kan, tí ọwọ́ tó fi di òdòdó mú jẹ́ ti ẹlòmíì.

Àwọ̀ ńkọ́? Mo fi irinṣẹ́ White Balance tẹ léèsì, gbogbo ojú ìyá pọ́n bí ẹni tí wọ́n da epo lé. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Wọ́n ti fi búlúù fọ aṣọ náà, funfun rẹ̀ kì í ṣe funfun gidi. Iyọ̀ inú abọ́ ìsọmọlórúkọ, tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kan náà ti kàn án, ni mo tẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá dúró ní R 21, G 15, B 12. Ẹ máa wo bí wọ́n ṣe tẹ̀léra: R ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, kí G tẹ̀lé e, kí B kéré jù. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ Tone Curve sókè, tí ó fi mẹ́wàá-mẹ́wàá kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 31, 25, 22. Àlàfo wọn kò yí padà, àmọ́ R tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì B tẹ́lẹ̀ kò tó ìlọ́po kan ààbọ̀ mọ́, eérú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ibi tó ń dán níwájú orí bá ní búlúù díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ni dídán máa ń mú, kì í ṣe àwọ̀ awọ.

Luminance ti Orange tí àwọn kan fi ń mú awọ mọ́lẹ̀, èmi kì í fọwọ́ kàn án fún irú awọ yìí. Ìbóra ni mo kà á sí.

Arákùnrin kan bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ JPEG ni mo yà ńkọ́?” Mo ní kó má retí +1.30. Fáìlì RAW ló gba irú ìyẹn. JPEG ti ju púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú òkùnkùn nù. Kó máa gbé Exposure díẹ̀díẹ̀, kó máa wo abẹ́ àgbọ̀n ní 100%. Níbi tí àmì pupa àti àwọ̀ ewé bá ti ń yọ wótowòto, kó padà sẹ́yìn díẹ̀. Bí ó bá ní òun á fi Noise Reduction pa wọ́n rẹ́, tó sì fà á jù, awọ á dà bí àbẹ́là.

Ó tún bi mí pé kí ni mo ṣe sí fọ́tò tó tẹ̀lé ti ìyá yìí. Mo ní mo ti gbé ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà sí +1 kí ìyá àgbà kejì tó jókòó.