Ọmọ Ilé Wa Kọ Iṣẹ́ Ọ̀ffà

ÀJÀNÍ: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi Àjàní rèé láti Mánṣẹ́sítà. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ tiwa níbí.

ÀBẸ̀KẸ́: Kú ọ̀sán, àbúrò. Húsítìn ò tíì jí dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Ílọrin ni mo gbé wá. Nọ́ọ̀sì ni. Ilé ìwòsàn aládàáni kan l'Ọ́ffà gbà á síṣẹ́, wọ́n fún un ní lẹ́tà, àwọn onídùúró rẹ̀ ti buwọ́ lùwé. Àfi bí ilé ìwòsàn mìíràn n'Ílọrin ṣe pè é sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tó ti ń wá látọjọ́ nìyẹn.

ÀJÀNÍ: Ó wá fẹ́ dákẹ́ mọ́ àwọn ará Ọ̀ffà lọ́wọ́?

ÀBẸ̀KẸ́: O mọ̀ ọ́n! Ó ní ojú ń ti òun. Mo ní, dídákẹ́ gan-an ló ń ti ilẹ̀kùn. Mátírọ́ọ̀nù lè ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú rósítà, ẹlòmíràn tí wọ́n lè mú dípò rẹ̀ sì ń wá iṣẹ́ kiri. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bi í pé lẹ́tà ti Ìlọrin dà? Ó ní ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́ lórí fóònù.

ÀJÀNÍ: Háà! Ẹnu lásán?

ÀBẸ̀KẸ́: Mo ní kó dúró kí lẹ́tà yẹn tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kó sì buwọ́ lù ú ná. Bí ọjọ́ tí Ọ̀ffà dá fún un bá fẹ́ pé, kó tọrọ ọjọ́ méjì sí i. Bí lẹ́tà ṣe dé, ọjọ́ yẹn náà ló gbọ́dọ̀ sọ fún wọn.

ÀJÀNÍ: Kí ló wá kọ?

ÀBẸ̀KẸ́: Àkọ́kọ́ tó kọ, mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Ọ̀nà jìn, ìyá òun ní ìfúnpá, iṣẹ́ alẹ́ pọ̀, owó ilé wọ́n. Ó wá fi kún un pé òun ò lè wá "báyìí ná".

ÀJÀNÍ: Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, Àǹtí. Gbogbo èyí tó kà sílẹ̀ yẹn ni wọ́n máa bá a jà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní a ó fún ẹ ní yàrá, a ó yọ ẹ́ kúrò nínú iṣẹ́ alẹ́.

ÀBẸ̀KẸ́: Ṣé o rí i? Ẹni tó bá ń ka ìṣòro sílẹ̀, àwọn tó kọ̀wé sí á rò pé ó ń ná ọjà ni. "Báyìí ná" sì burú jù, wọ́n á máa dúró dè é. Tó bá jẹ́ owó ló ń dùn ún, kó tó pinnu ló yẹ kó bá wọn dúnàádúrà. Òyìnbó ló fi kọ èyí tó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ímeèlì, ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀:

"Mo dúpẹ́ fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ẹ fi lọ̀ mí, àti fún bí mátírọ́ọ̀nù ṣe fúnra wọn mú mi yí wọ́ọ̀dù ká. Mo ti rò ó dáadáa, mi ò ní lè gba iṣẹ́ náà. Mo ti gba iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, torí ìtọ́jú kíndìnrín ni mo fẹ́ mọ̀ dunjú. Bí ẹ bá dá irú ẹ̀ka tí ẹ sọ fún mi yẹn sílẹ̀, inú mi á dùn bí ẹ bá rántí mi."

ÀJÀNÍ: Ìdí kan ṣoṣo. Wọn ò sì lè fi owó yí i padà.

ÀBẸ̀KẸ́: Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ni wọ́n sọ pé àwọn ń gbèrò àtira ẹ̀rọ náà. Ẹni tó kàn kọ "ó dìgbà kan ná," ta ló máa rántí rẹ̀? Bí wọn ò bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, kó fi ọpẹ́ parí rẹ̀. Kó má purọ́.

ÀJÀNÍ: Ṣé ímeèlì nìkan ló fi sọ ọ́? Ará ilé wa lè sọ pé ọmọ yìí ò kí èèyàn.

ÀBẸ̀KẸ́: Ó pe mátírọ́ọ̀nù láàárọ̀, ó kí wọn dáadáa, ó sọ ọ́ ní ṣókí, ó ní lẹ́tà ń bọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú ló fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó buwọ́ lu lẹ́tà ìgbàṣíṣẹ́, ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mátírọ́ọ̀nù. Wọ́sáàpù nìkan ò tó, kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn sínú fáìlì rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù wá bi í bóyá ó mọ nọ́ọ̀sì mìíràn.

ÀJÀNÍ: Ó fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀?

ÀBẸ̀KẸ́: Ó kọ́kọ́ bi ọ̀rẹ́ náà ná.

ÀJÀNÍ: Àwọn onídùúró ńkọ́?

ÀBẸ̀KẸ́: Ìyẹn ni kò wá sí i lọ́kàn rárá. Ọ̀kan nínú wọn, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ọ̀ffà ni, ó sì mọ ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà. Mo ní kó lọ kí bàbá nílé kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kó sì sọ fún ilé ìwòsàn pé kí wọ́n dá ìwé ìdúró náà padà.