Eruku ni àbí pééstì? Bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó ń mú láptọ́ọ̀pù yín gbóná

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Láptọ́ọ̀pù tó wà níwájú mi yìí ti lé lọ́dún mẹ́rin. Ẹ gbọ́ bí fáànù ẹ̀ ṣe ń ké, bẹ́ẹ̀ a ò sì fi ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹni tó ni ín ti sọ pé pééstì ló gbẹ, ìyẹn ohun rírọ̀ tí wọ́n máa ń fi sáàárín purosẹ́sọ̀ àti bàbà tó ń gbé ooru kúrò lára ẹ̀, pé kí n ṣáà bá òun pààrọ̀ ẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò tíì fẹ́ fọwọ́ kan síkúrù. Eruku máa ń mú ẹ̀rọ gbóná, pééstì tó ti gbẹ náà ń mú un gbóná, ariwo kan náà sì ni fáànù máa pa. Àmì wọn ló yàtọ̀, ẹ sì lè rí àmì ọ̀hún láìtú ẹ̀rọ rárá.

Ká kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc kí Task Manager ṣí, ẹ wo abẹ́ CPU. Bí ètò kan bá wà níbẹ̀ tó ń jẹ ìdajì agbára ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹ rán an níṣẹ́, òun lẹ máa pa. Fáànù ò ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Tiwa yìí ò ní irú ẹ̀, CPU ò ju 4% lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde. Inú purosẹ́sọ̀, ìyẹn CPU fúnra ẹ̀, ló ti ń wá. Ó máa gba inú pééstì bọ́ sára bàbà tó wà lórí ẹ̀, bàbà á gbé e gba inú ọ̀pá lọ sí etí ẹ̀rọ, níbi tí àwọn ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà, fáànù á wá fẹ́ ẹ síta. Bí eruku bá dí ewé irin, ìparí ọ̀nà ló dí. Bí pééstì bá bàjẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ló dí. Orí èyí ni gbogbo àyẹ̀wò wa dá lé.

Mo ti ṣí HWiNFO sílẹ̀, ètò tó ń fi ìwọ̀n ooru ẹ̀rọ hàn lórí Windows. Ẹni tó bá ń lo Linux, tó sì ti fi lm-sensors sórí ẹ̀rọ ẹ̀, lè tẹ èyí:

```
watch -n 1 sensors
```

Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣe nǹkan kan, kí ẹ wá fún un níṣẹ́ tó lágbára, bíi kó máa yí fídíò ńlá padà. Ẹ máa wo ìwọ̀n ooru, kí ẹ sì gbé ọwọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Bó bá jẹ́ eruku, ooru máa ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde á gbóná, ṣùgbọ́n kò ní lágbára. Bí ẹ bá dá iṣẹ́ dúró, ooru ò ní tètè wálẹ̀, torí pé gbogbo irin inú ibẹ̀ ló ti gbóná.

Bó bá jẹ́ pééstì, ooru máa fò ni. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta, á ti wà ní 95 lórí ìwọ̀n Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí afẹ́fẹ́ tó kan ọwọ́ yín ò tíì gbóná. Ooru há sínú purosẹ́sọ̀, kò rí ọ̀nà dé ara bàbà. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ ó rí i pé ó já wálẹ̀ lójijì.

Purosẹ́sọ̀ tó pọ̀ jù ló ní òpin láàárín 95 sí 105. Bó bá ti débẹ̀, fúnra ẹ̀ ló máa dín eré kù kó má baà jóná. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó gbóná fi máa ń falẹ̀.

Ẹ wo tiwa. Kó tó ṣiṣẹ́ rárá, 61 ló wà. A fún un níṣẹ́, ó fò dé 97 lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Àmì méjèèjì ló pé síbẹ̀. Eruku la máa kọ́kọ́ bójú tó, torí òun ló rọrùn, a ó sì tún un wọ̀n.

Mo ti pa á, mo ti yọ wáyà iná, mo ti ṣí ìdí ẹ̀. Púlọ́ọ̀gì bátìrì ni mo kọ́kọ́ yọ, èékánná ni mo fi yọ ọ́, kì í ṣe irin. Ẹ wo abẹ́ fáànù báyìí. Eruku ara abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ ò tó nǹkan. Àárín fáànù àti ewé irin lẹ ti máa rí i, ó ti nípọn bí aṣọ tí wọ́n fi dí fèrèsé. Ìdí tí fífẹ́ afẹ́fẹ́ láti ìta kì í fi ṣiṣẹ́ nìyí: ńṣe lẹ kàn ń tì í padà sínú. Ẹ tú fáànù, ẹ fi ẹ̀mú kékeré ká a jáde, kí ẹ tó wá fi agolo afẹ́fẹ́ fẹ́ ìyókù. Ẹ gbé agolo náà dúró ṣánṣán, kí omi tútù má baà tú jáde. Ẹ fi ìka di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú o. Bó bá yí ju agbára ẹ̀ lọ, bíárìn ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kó yí geere, lè bàjẹ́, ó sì lè ti iná padà sínú bọ́ọ̀dù.

A tún un wọ̀n. Láìṣiṣẹ́, 48. Fáànù ti dákẹ́. Afẹ́fẹ́ ń jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, ó tún fò dé 96, afẹ́fẹ́ ọ̀hún sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ò parọ́, pééstì wà níbẹ̀.

Wọ́n kọ nọ́ńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn síkúrù bàbà yìí, 1 sí 4. Ẹ tú wọn láti ẹ̀yìn wá síwájú, díẹ̀díẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó: àárín ti gbẹ, irin ti ń yọjú, gbogbo pééstì ti sá lọ sí etí. Gbígbóná àti títutù lójoojúmọ́ ló ń tì í síta. Ọtí áísóprópìl tó jẹ́ 90% sókè ni mo fi ń nù ún títí tó fi ń dán. Àwọn páàdì rírọ̀ tó wà lórí ṣíìpù yòókù, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ọ̀kan bá ya, páàdì tó nípọn bíi tiẹ̀ lẹ máa fi rọ́pò, pééstì ò lè dí àlàfo yẹn.

Purosẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù ò ní ìdérí, nítorí náà mo tẹ́ pééstì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo ojú ẹ̀. Kó pọ̀ díẹ̀ sàn ju kí igun kan ṣófo. Pééstì lásán ni mò ń sọ o, kì í ṣe èyí tó jẹ́ irin olómi: ìyẹn ń gbé iná, ó sì ń jẹ alumíníọ̀mù, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ṣẹ́ níyànjú láti lò ó. Mo dè síkúrù láti 1 dé 4, mo dá púlọ́ọ̀gì fáànù padà, bátìrì ló kẹ́yìn.

Iṣẹ́ kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko: 81, kò sì kọjá ibẹ̀.

Ẹ máa ń bi mí pé ọdún mélòó ni kéèyàn fi pààrọ̀ pééstì. Mi ò ka ọdún. Bí ooru ò bá fò, tí ẹ̀rọ ò sì dín eré kù, ẹ fi í sílẹ̀. Àmọ́ ìgbàkigbà tí ẹ bá ti gbé bàbà yẹn kúrò, ó di dandan kí ẹ fi tuntun sí i. Láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan wà tó ń kọjá 90 láti ọjọ́ tó ti wà ní tuntun, nítorí náà, ẹ kọ ìwọ̀n tiyín sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣe dáadáa.

Bí ẹ bá sì gbọ́ kí fáànù máa han tàbí kó máa ta kẹ́kẹ́kẹ́ nígbà tí ooru ò pọ̀, bíárìn ẹ̀ ló ti jẹ. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára fáànù fúnra ẹ̀, irú ẹ̀ gan-an lẹ máa rà.